Owó Ìpolówó Tó Ń Sáré Ju Oṣù Lọ

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, ẹ mú ìwé àti bírò sítòsí. Ọ̀rọ̀ ọjà tòní kan ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó kí Facebook máa fi ọjà yín han àwọn èèyàn. Ẹ ti ya owó sọ́tọ̀ fún oṣù. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ń sáré jù, kó tó tán?

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá aláṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Oṣù ọlọ́jọ́ 30 ni. Ó ya 30,000 fráǹkì sẹ́fà sọ́tọ̀, ìyẹn 1,000 fún ọjọ́ kan. Ìparí oṣù ló ń fojú sọ́nà fún jù, torí ìgbà yẹn ni owó oṣù máa ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ìgbà tí ọjọ́ kẹwàá parí ló tó wò ó: 16,000 ti lọ! 10,000 ló sì yẹ kó lọ.

Kí ló fà á? Ní ọjọ́ karùn-ún, aṣọ tuntun dé, ó sì ní kí ọmọ òun gbé ìpolówó kejì jáde. Wọ́n kọ 1,000 fún ìyẹn náà, wọn ò sì dá ti àkọ́kọ́ dúró. Tí ìpolówó méjì bá ní "Budget quotidien" lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú ló ń ná tiẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ná 4,000. Ọjọ́ mẹ́fà tó tẹ̀ lé e ná 2,000 lójoojúmọ́, ó di 12,000.

Wàyí o, ẹ fetí sí ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣirò. Ó ku 14,000. Tí ẹ bá pín 16,000 sí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ ó rí 1,600, ẹ ó sì rò pé owó tó kù á tó ọjọ́ mẹ́jọ ó lé díẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ tó rọra lọ ló bo eré tòótọ́ mọ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ wò: 2,000 ni lójúmọ́. 14,000 á tán ní ọjọ́ méje, ìyẹn ọjọ́ 17. Ìparí oṣù á dé, ìyá aláṣọ ò ní ní ìpolówó kankan.

Báwo wá la ṣe ń ṣọ́ ọ? Ní àràárọ̀, ẹ wo "Montant dépensé" títí dé àná. Ẹ má lo ti òní, torí kò tíì pé. Ẹ rí i pé ọjọ́ tẹ́ ẹ yàn bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù yìí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, owó oṣù tó kọjá lè dà pọ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ yúrò ló ń fi hàn, ẹ fi 656 sọ ọ́ di sẹ́fà.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ iye ọjọ́ tó ti lọ di ìlọ́po owó ọjọ́ kan, kí ẹ fi wé iye tó ti lọ. Bó bá fi ìdá kan nínú márùn-ún ju bó ṣe yẹ lọ, tó sì rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ méjì tẹ̀ léra, agogo ti dún nìyẹn. Kí ló dé tá a fi ní ọjọ́ méjì? Facebook fúnra rẹ̀ lè ná ju iye tẹ́ ẹ kọ lọ lọ́jọ́ kan, kó dín in lọ́jọ́ mìíràn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kì í kọjá ìlọ́po méje iye ọjọ́ kan. Fífò ọjọ́ kan ṣoṣo kì í ṣe àrùn.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ìyá aláṣọ ti ná 6,000 dípò 5,000. Ní ọjọ́ kẹfà, 8,000 dípò 6,000. Ká ní ó wò ó láàárọ̀ ọjọ́ keje ni, àlékún 2,000 péré ni ì bá rí, kì í ṣe 6,000.

Àtúnṣe ńkọ́? 14,000 ló kù fún ọjọ́ 20, ìyẹn 700 lọ́jọ́ kan. Kó dá èyí tí kò mú oníbàárà wá dúró, kó sì kọ 700 sí èyí tó kù. Kó má dá méjèèjì dúró láìnídìí.

Ẹlòmíì á ní, "Mo ti fi 30,000 sí 'Limite de dépenses du compte', kò séwu." Ó dáa, ṣùgbọ́n ògiri nìyẹn, kì í ṣe agogo. Kò ní jẹ́ kí owó kọjá 30,000, àmọ́ bó bá kan ògiri ní ọjọ́ 17, gbogbo ìpolówó á dúró níbẹ̀ ni.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ rèé: owó oṣù ọlọ́jọ́ 30 jẹ́ 15,000. Lópin ọjọ́ 12, 7,200 ti lọ. Ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn ná 600 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ wo ni owó á tán? Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ ọjọ́ 25, ẹ ti gbà á. Ẹ wá jọ sọ iye tó yẹ kí wọ́n máa ná lójúmọ́ láti ọjọ́ 13 lọ. Ó dìgbà o.