Bí Ọjọ́ Kíliníìkì Bá Bọ́ Sí Ọjọ́ Ọjà

 

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí wà fún àwa tí a ní káàdì ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́, tí dókítà ń dá ọjọ́ fún pé ká padà wá. Ọ̀pọ̀ wa ni ọjọ́ yẹn máa ń bọ́ sí ọjọ́ ọjà mọ́ lọ́wọ́. Kí la máa ń ṣe? A óò dákẹ́, a óò lọ sọ́jà, a óò ní a máa lọ sí ilé ìwòsàn tó bá yá. Kó tó yá, oògùn ti tán. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn, ara lè le koko kí ó sì máa ga sí i lábẹ́lẹ̀ títí yóò fi di rọpárọsẹ̀. Yíyí ọjọ́ padà kò burú. Kí oògùn tán kí ọjọ́ tuntun tó pé ló burú.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún. A óò máa pè é ní Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́. Wọ́n dá ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù kẹwàá 2025, fún un. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun 7, ó ka ọjọ́ ọjà lórí ìka, ó rí i pé 14 yẹn gan-an lọjà, ọkọ̀ èlùbọ́ rẹ̀ sì máa já ẹrù ní ìdájí ọjọ́ náà. Kò séèyàn tó lè bá a gba ẹrù, torí òun ló mọ iye àpò tó san owó rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí i lọ́kàn ni pé kí òun ní kí wọ́n sún un sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ìyẹn 21. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ní, “Màámi, ẹ kọ́kọ́ ka oògùn yín ná.” Hóró kan ló ń lò láràárọ̀. Ó ti lo ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mẹ́wàá ló kù nínú páálí. Wọ́n kà á pọ̀: láti ọjọ́ 8, hóró mẹ́wàá yóò gbé e dé ọjọ́ 17. Bó bá dúró di 21, òwúrọ̀ mẹ́rin gbáko ni kò ní rí oògùn lò. Bí wọ́n ṣe gbé 21 jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìyẹn. Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n máa lo hóró lọ́jọ́ kan, kí wọ́n fo ọjọ́ kejì, kó lè pẹ́. Ẹ má dán an wò. Oògùn tí a pín sí wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ tí dókítà fi rán an.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá wo ọjọ́ tí kíliníìkì ń jókòó. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí ẹlẹ́jẹ̀ ríru; níbi tó ń lọ, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni. Bí èèyàn bá lọ bẹ̀bẹ̀ fún Ọjọ́rú níbẹ̀, wọ́n á kàn lé e padà ni. Ọjọ́ tí kíliníìkì ń jókòó, tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, tí oògùn kò sì ní tíì tán, méjì péré ló kù: Ọjọ́bọ̀ 9 àti Ọjọ́bọ̀ 16. Lóòótọ́, ọjọ́ 10 lọjà, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ 9 ló máa ń palẹ̀ ẹrù mọ́, àárọ̀ rẹ̀ ṣófo.

Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì? Bí a bá mú ẹyọ kan lọ, tí nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ yẹn ti kún, ẹni tí a rán á padà lọ́wọ́ òfo. Bí a bá sì ní “ọjọ́ tó bá wù yín,” wọ́n lè fún wa ní ọjọ́ ọjà mìíràn. Méjì tí a ti yẹ̀ wò dáadáa ló dára. Ká sì fi méjèèjì sílẹ̀ láìdá nǹkan mìíràn sí i títí èsì yóò fi dé.

Ìwé tí ọmọ náà bá a kọ nìyí, tó mú káàdì dání lọ lọ́jọ́ kejì:

“Sí Nọ́ọ̀sì Àgbà. Ẹ káàárọ̀ o, mà. Nọ́ńbà káàdì mi wà lókè ìwé yìí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun 14 lẹ dá fún mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà wa ni, ẹrù mi sì ń bọ̀ ní ìdájí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yí i sí Ọjọ́bọ̀ 9 tàbí Ọjọ́bọ̀ 16. Èyí tí ẹ bá mú nínú méjèèjì, màá wá. Oògùn mi yóò tó mi dé ọjọ́ 17. Ẹ bá mi kọ ọjọ́ tuntun sára káàdì àti sínú ìwé yín. Ẹ ṣeun, mà.”

Ẹ kíyè sí i pé ó sọ ọjọ́ tí oògùn máa tán. Ìyẹn ni nọ́ọ̀sì fi máa mọ̀ pé kò ṣeé sún kọjá bẹ́ẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ sì kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé bí méjèèjì kò bá ṣeé ṣe, kó má gba ọjọ́ tó kọjá 17 láìbéèrè bí òun ṣe máa rí oògùn tó máa gbé òun débẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní Ọjọ́bọ̀ 9 ti kún, ó kọ 16. Kí ọmọ náà tó kúrò níbẹ̀, ó wo káàdì, ó sì rí i pé wọ́n kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sínú ìwé ọjọ́ 16. Èyí ṣe pàtàkì o. Níbi púpọ̀, orúkọ tó wà nínú ìwé ọjọ́ náà ni wọ́n fi ń yọ fáìlì sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ara káàdì nìkan ni wọ́n kọ ọ́ sí, a lè jókòó títí di ọ̀sán, fáìlì wa kò ní jáde.

Ohun kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ wa kò fọkàn sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń dá fún Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́. Ọjọ́ 28 ni ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, bí a bá yọ ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà kúrò, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń pé. Ọjà méje géérégé ló wà nínú ọjọ́ 28. Nítorí náà, bí ọjọ́ kíliníìkì bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kún un, ọjọ́ ọjà náà ni yóò máa bọ́ sí títí lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ti yí i sí ọjọ́ tó ṣófo, bíi ti 16 yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i, 13 oṣù kọkànlá, á ṣófo bákan náà. Ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tán an.

Ara tó yá ni gbogbo èyí wà fún o. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá dédé kú, bí ẹnu bá wọ́, bí àyà bá ń dunni, bí ojú bá ṣàdédé ṣókùnkùn, a kì í dúró de ọjọ́ kankan. Ká pa ọjà tì, ká lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ bá wa ka èyí fún àwọn tí kò mọ̀wé nínú wa.