Ṣàkì àti Ìkòkò Tuntun

Òfíkì,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ìyá rẹ ní ọkọ rẹ ti ra ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ fún ọ, àti pé ṣàkì tí o kọ́kọ́ sè nínú rẹ̀ rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń rùn. Kì í ṣe ẹjọ́ ìkòkò. Inú ṣàkì ni màlúù ń kó koríko sí. Ohun tó há sí ìdí irun-irun ara rẹ̀ ni ẹ̀ ń gbóòórùn.

Gbé omi kaná kó gbóná débi tí ọwọ́ ò ní lè gbà á, àmọ́ kó má tíì hó. Ri ṣàkì bọ̀ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú 1, fà á jáde, kí o fi ọ̀bẹ ha á. Bí awọ dúdú yẹn bá ń ṣí bí èèpo ẹ̀wà tí a rẹ sómi, ó ti tó. Bí kò bá ṣí, dá a padà díẹ̀. Má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ o, torí awọ náà á gan mọ́ ọn lára. Ya ọ̀rá ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, kí o sè é láìdé fún ìṣẹ́jú 10, kí o da omi yẹn nù.

Ìgbà yìí ló wá kan pírẹ́ṣọ̀. Omi tó ń hó nínú ìkòkò lásán kì í gbóná kọjá 100 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Èyí tí oru há mọ́ lè tó 120, ìyẹn ló fi ń rọ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Má jẹ́ kó kún kọjá ìdajì, torí ṣàkì máa ń hó yọ ìfófòó. Má fi káún sí i: òun náà ń hó ìfófòó, ó sì ń jẹ ìkòkò alumíníọ̀mù.

Èmi jẹ́ kí tèmi kún dé ọrùn nígbà kan. Ègé ṣàkì kan léfòó, ó dí ihò tí oru ń gbà jáde. Iná ń jó, ìkòkò ò sú fèé mọ́, mo rò pé ó ti jinná. Mo fi agbára yí ìdérí, ló bá fò lu àjà, omi gbígbóná sì bó mi ní apá. Àpá rẹ̀ tí o máa ń bi mí léèrè nígbà tí o wà ní kékeré nìyẹn.

Nítorí náà, bí ìkòkò bá dákẹ́ nígbà tí iná ṣì ń jó, pa iná, má fọwọ́ kàn án títí yóò fi tutù pátápátá. Lẹ́yìn náà ni kí o fi ẹyọ ọwọ̀ kan la ihò náà. Ìdérí tí kò bá rọrùn yí, oru ṣì wà nínú rẹ̀.

Kí o tó tún gbé e kaná, yọ rọ́bà etí ìdérí wò. Bó bá ti sán, ìkòkò lásán ni kí o fi se ṣàkì títí ẹ ó fi ra rọ́bà mìíràn.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ.