Bí A Ti Ń Kí Olùkọ́ Nínú Kíláàsì Àti Ní Ọ́fíìsì Rẹ̀

 

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ mọ bí a ti ń kí àlùfáà ní ilé-kéwú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti ṣe tán ní Sánáwì tí wọ́n wọ yunifásítì máa ń padà wá bi wá léèrè pé ọ̀rọ̀ ìkíni rú àwọn lójú níbẹ̀. Ní ilé-kéwú, olùkọ́ kan náà ni a máa ń rí láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó sì mọ ọmọ ta ni wá. Ní yunifásítì, olùkọ́ lè má lò ju wákàtí kan lọ níwájú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, kí ó tó padà sí ọ́fíìsì rẹ̀, níbi tí ó ti lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn pé ọjọ́ báyìí, agogo báyìí, ni òun ń rí akẹ́kọ̀ọ́. Ibi mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà ti sábà máa ń dojú rú: ìgbà tí olùkọ́ bá wọlé, ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pẹ́ dé, àti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. A ó mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. NÍGBÀ TÍ OLÙKỌ́ BÁ WỌLÉ

Nínú hádíìsì tí Búhárì gbà wá, ọmọdé ni yóò sálámà sí àgbà, ẹni tí ń rìn ni yóò sálámà sí ẹni tí ó jókòó, àwọn díẹ̀ ni yóò sì sálámà sí àwọn púpọ̀. Ẹ wá wo kíláàsì. Olùkọ́ ni àgbà, nítorí náà ó dà bí ẹni pé àwa ni ó yẹ kí á bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni ó ń rìn bọ̀, òun nìkan sì ni, àwa ni a jókòó tí a sì pọ̀. Ta ni yóò bẹ̀rẹ̀?

Imọ́ọ̀mù Nàwáwì ṣe àlàyé rẹ̀ pé ẹni tí ó bá wá bá àwọn tí ó jókòó ni yóò kọ́kọ́ sálámà, ìbáà ṣe ọmọdé, ìbáà ṣe àgbà. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe sáré pariwo sálámà kí olùkọ́ tó gbé ẹsẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà. Kí á dákẹ́, kí á jẹ́ kí ó sálámà, kí gbogbo wa sì dá a lóhùn pa pọ̀ ní ohùn tí ó dọ́gba. Bí òun kò bá sálámà, bóyá nítorí pé ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí pé kì í ṣe Mùsùlùmí, kí olórí kíláàsì bẹ̀rẹ̀ ìkíni ní èdè tí olùkọ́ náà ń gbọ́.

Ní ti dídìde dúró fún olùkọ́, bí a ti ń ṣe ní ilé-kéwú, àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lé e lórí. Imọ́ọ̀mù Nàwáwì, tí ó kú ní ọdún 676 Hijira, kọ odidi ìwé kan láti fi hàn pé ó tọ́ kí á dìde láti bọ̀wọ̀ fún onímọ̀, àwọn mìíràn sì kórìíra rẹ̀. Nítorí náà, bí olùkọ́ kan bá ní kí ẹ jókòó, ẹ jókòó. Kì í ṣe pé ó kọ ọ̀wọ̀ yín.

2. AKẸ́KỌ̀Ọ́ TÍ Ó PẸ́ DÉ

Ibí yìí ni àwọn ọmọ ilé-kéwú ti máa ń ṣe àṣejù. Olùkọ́ ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Ẹnìkan dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ohùn gíga sálámà. Olùkọ́ dákẹ́, gbogbo kíláàsì dáhùn. Kò pẹ́, ẹnìkejì tún dé. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni okùn ọ̀rọ̀ olùkọ́ já. Àwọn onífíkíhì kan, pàápàá nínú mádhàbí Hánáfì, ka ẹni tí ó ń kọ́ ènìyàn ní ìmọ̀ mọ́ àwọn tí kò dára kí á sálámà sí lẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Ẹnìkan lè wí pé, ‘Ǹjẹ́ kí n kàn wọlé láìsọ nǹkan kan?’ Èyí náà kò tó. Nínú ìwé Múwátà ti Imọ́ọ̀mù Málíkì, ìtàn àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan wà tí wọ́n bá Ànábì ní mọ́sálásí láàárín àwọn ènìyàn. Ẹnìkan padà lẹ́yìn. Àwọn méjì yòókù sálámà. Ọ̀kan rí àyè láàárín àwùjọ, ó jókòó síbẹ̀. Èkejì jókòó sẹ́yìn wọn. Àwọn wọ̀nyí sálámà, ṣùgbọ́n wọn kò da ìjókòó rú.

Ohun tí ó so ọ̀nà méjèèjì pọ̀ ni ìwọ̀n ohùn. Sàhábé tí a ń pè ní Mikidáádì sọ, gẹ́gẹ́ bí Músílímù ti gbà á wá, pé bí Ànábì bá wọlé lóru, ohùn tí ó fi ń sálámà kì í jí ẹni tí ó sùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lójúfò yóò gbọ́. Òṣùwọ̀n tí a ó lò nìyẹn. Ẹni tí ó pẹ́ dé, kí ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn bí ó bá wà, kí ó sálámà ní ohùn tí kò ju etí ẹni tí yóò jókòó tì lọ, kí ó sì jókòó níbi tí àwùjọ parí sí. Bí ojú òun àti olùkọ́ bá ṣe mẹ́rin, kí ó tẹ orí ba díẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí, kí ó lọ bá a, kí ó kí i dáadáa, kí ó sì sọ ìdí tí ó fi pẹ́. Bí olùkọ́ bá ti fi òfin lélẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé lẹ́yìn òun, kí ó dúró síta. Kò sí sálámà tí ó lè ṣí ilẹ̀kùn náà.

3. ẸNU Ọ̀NÀ Ọ́FÍÌSÌ

Nínú Súrátù Nuúrì, áyà 27, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti wọ ilé tí kì í ṣe tiwa títí a ó fi tọrọ àyè, tí a ó sì sálámà sí àwọn ará inú rẹ̀. Ọ́fíìsì olùkọ́ wọ inú òfin yìí, àní nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀. Wákàtí tí a kọ sí ara ilẹ̀kùn sọ fún wa ìgbà tí a lè wá. Kò tíì sọ pé kí á wọlé.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe ìdánwò ráńpẹ́, ṣùgbọ́n kò rí máàkì rẹ̀ lára bébà tí wọ́n lẹ̀. Olùkọ́ náà kọ pé òun ń rí akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láti agogo mẹ́wàá sí agogo méjìlá. Akẹ́kọ̀ọ́ dé ní agogo mẹ́wàá kọjá díẹ̀. Kò dúró kọjú sí ilẹ̀kùn gan-an, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni ó dúró sí. Bẹ́ẹ̀ ni Ànábì máa ń ṣe, gẹ́gẹ́ bí Abú Dáúdà ti gbà á wá, kí ojú má baà bọ́ sínú ilé onílé. Ó kan ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀, ó ní:

‘Asalaamu alaekun. Ṣé kí n wọlé, sà?’

Ẹ kíyè sí i pé sálámà ni ó ṣáájú, ìbéèrè àyè ni ó tẹ̀lé e. Ọkùnrin kan láti ìran Banú Ámírù ti béèrè àyè lọ́dọ̀ Ànábì láìsálámà rí, Ànábì sì rán ìránṣẹ́ rẹ̀ pé kí ó lọ kọ́ ọ ní bí a ti ń ṣe é, ní ìtẹ̀léra yìí gan-an.

Olùkọ́ béèrè láti inú pé, ‘Ta nìyẹn?’ Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Wọn a ní, ‘Èmi ni, sà.’ Nígbà tí sàhábé Jábírù lọ kan ilẹ̀kùn Ànábì nítorí gbèsè tí bàbá rẹ̀ jẹ, irú ìdáhùn yìí ni ó fọ̀. Ànábì sì tún ọ̀rọ̀ náà pè bí ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé ‘èmi’ kò sọ ẹni tí ó wà lóde. Akẹ́kọ̀ọ́ wa dárúkọ ara rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, ó sì fi kún un pé, ‘akẹ́kọ̀ọ́ yín ní ọdún kejì ni mo jẹ́, sà.’

Bí kò bá sí ìdáhùn, kí ó tún un ṣe, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ó fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn. Lẹ́yìn ìkẹta, kí ó padà. Abú Músá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà Sàyídínà Úmárù. Nígbà tí Úmárù bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní ohun tí òun gbọ́ lẹ́nu Ànábì nìyẹn. Úmárù ní kí ó mú ẹlẹ́rìí wá, Abú Saídì sì jẹ́rìí sí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọjú láti fèrèsé, kí ó má sì gbá ilẹ̀kùn bí ẹni tí ń sin gbèsè. Olùkọ́ lè wà lórí ìrun.

Olùkọ́ ní kí ó wọlé. Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó ní, ‘Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú iṣẹ́.’ Kò na ọwọ́ ṣáájú, nítorí àgbà ni í kọ́kọ́ na ọwọ́ ní ilẹ̀ wa. Bí olùkọ́ náà bá jẹ́ obìnrin, kí akẹ́kọ̀ọ́kùnrin má na ọwọ́ rárá, kí ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Kò jókòó títí olùkọ́ fi ní kí ó jókòó. Lẹ́yìn náà, ó sọ ohun tí ó bá wá ní gbólóhùn méjì: ‘Mo ṣe ìdánwò ráńpẹ́ tí ó kọjá, sà, ṣùgbọ́n n kò rí máàkì mi. Nọ́ńbà mi nìyí, mo ti kọ ọ́ sínú bébà.’ Bí ìkíni bá gùn títí ó fi bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, àkókò àwọn tí ń dúró lóde ni ó ń jẹ. Nígbà tí ó parí, ó dúpẹ́, ó sì tún sálámà kí ó tó jáde, nítorí sálámà àbọ̀ àti ti ìlọ, ẹ̀tọ́ kan náà ni.

Ní ti ìdọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, àwọn àlùfáà wa kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀, nítorí hádíìsì kan tí Tirimísì gbà wá tí ó kọ̀ fún ènìyàn láti tẹríba fún ènìyàn. Ohun tí àwa rí nínú ọ̀pọ̀ ilé-kéwú ni pé ọkùnrin a máa lóṣòó, obìnrin a sì máa kúnlẹ̀ láìforíkanlẹ̀. Nínú ọ́fíìsì tóóró tí tábìlì gba ààbọ̀ rẹ̀, bíbẹ̀rẹ̀ díẹ̀ ti tó. Ohun tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ ni ‘ẹ’ ọ̀wọ̀. Ẹ sì rántí pé sálámà pàápàá ní irú rẹ̀: àwọn onímọ̀ fẹ́ràn kí á pe ‘alaekun’, tí ó jẹ́ ti ọ̀pọ̀, sí ẹnìkan ṣoṣo.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìdí tí olùkọ́ tí ó wọlé fi máa ṣáájú sálámà?
2. Báwo ni ohùn ẹni tí ó pẹ́ dé yóò ti ga tó, kí sì ni ẹ̀rí rẹ̀?
3. Kí ni àbùkù ‘Èmi ni’ lẹ́nu ọ̀nà?