Owó Oṣù Ọmọ Àjò àti Owó Ilé

Ìbéèrè: Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Mánṣẹ́sítà. Lẹ́yìn owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì, £2,000 ní ń dé ọwọ́ mi lóṣooṣù. Mo ń gbọ́ bùkátà ìyá mi àti àwọn àbúrò mi ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kí oṣù tó parí, mo ti ń yáwó. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ọmọ Ìbàdàn Mesi Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àfaradà. Ohun tí mo fura sí nínú lẹ́tà yín ni pé náírà ni àwọn ará ilé fi ń béèrè, tí ẹ̀yin sì ń wá pọ́n-ùn tí yóò tó o kiri, £250 lónìí, £400 lọ́la, títí tí àìní ilé fi di ọ̀gá lórí owó oṣù yín. Láti oṣù Òkúdù ọdún 2023, tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, pàṣípààrọ̀ kò dúró sójú kan mọ́. Nítorí náà pọ́n-ùn ni kí ẹ fi dá iye tí ẹ ó máa fi ránṣẹ́, nítorí ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ká ní ilé gbígbé gba £750, owó ilé ti ìjọba ìbílẹ̀ £120, iná àti gáàsì £110, oúnjẹ £260, ọkọ̀ àti tẹlifóònù £120. £640 ló kù. Kí £300 máa lọ sọ́wọ́ ìyá yín. Owó tí kì í wá lóṣooṣù, bí owó ilé-ìwé oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ àti àgbò Iléyá, ni ó sábà máa ń sọni di ajigbèsè, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ó ń bọ̀: bí ó bá tó £720 lọ́dún, ẹ máa ya £60 sọ́tọ̀ lóṣooṣù, kí ẹ sì ya £60 mìíràn sọ́tọ̀ fún àìsàn. £220 tó kù, tiyín ni, £150 fún ìpamọ́, £70 fún aṣọ àti nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́. Oṣù mẹ́wàá, láti Igbe dé Ṣẹ́rẹ́, ni wọ́n sábà máa ń pín owó ìjọba ìbílẹ̀ yẹn sí. £240 tí kò ní jáde ní Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, inú àpò àìsàn ni kí ó wọ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ní òun kì í gba owó iṣẹ́ tàn yín. Iye náírà tí yóò dé Ìbàdàn ni kí ẹ béèrè. Bí ẹni yìí bá ń san ₦1,950 lórí pọ́n-ùn kan, £300 yín di ₦585,000. Bí ẹlòmíràn bá yọ £2, tí ó sì san ₦2,000, ₦596,000 ni ìyá yín yóò gbà.

Ẹ wo ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù kọ̀ọ̀kan fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ṣì ń yáwó, ẹ dín £300 kù sí £260, kí ẹ sì sọ fún Ìyá ní oṣù kan ṣáájú, kí wọ́n lè mọ bí wọn yóò ti ra gàrí àti ìrẹsì.