Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ lórí Orúkọ Ìnagijẹ Tuntun

Ìbéèrè: Kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ kan. Ṣàlàyé ìdí tí o fi gba orúkọ ìnagijẹ tuntun, kí o sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa fi pè ọ́.

Lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ ni èyí. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni ó ń gbà, èyíinì ni àdírẹ́sì ìwọ tí o ń kọ ọ́, ní apá ọ̀tún lókè ìwé, pẹ̀lú déètì lábẹ́ rẹ̀. Kò ní àkọlé. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó mọ èyí. Inú lẹ́tà gan-an ni wọ́n ti máa ń ṣubú.

Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́, àṣìṣe tí mo rí jù lórí irú ìbéèrè yìí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ pé, 'Mo ti pa orúkọ mi dà.' Ìnagijẹ kì í pa orúkọ dà. Orúkọ àbísọ rẹ ni ó wà nínú rẹ́jísítà ilé ìwé, òun náà ni yóò sì wà lórí ìwé ẹ̀rí rẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ yí ìyẹn padà yóò lọ búra ní kóòtù. Bẹ́ẹ̀ ni ìnagijẹ kì í ṣe oríkì. Àjàní, Àkànní, Àbẹ̀kẹ́ àti irú wọn ni àwọn àgbà ilé fi ń ké ọmọ láti kékeré. Ìnagijẹ ni èyí tí ènìyàn fún ara rẹ̀, tàbí tí àwọn tí ó yí i ká fún un nítorí ìrísí tàbí ìṣe rẹ̀. Kò sí ohun tí ó gbé e ró bí kò ṣe ẹnu àwọn tí ń pè é. Ìdí nìyí tí o fi gbọ́dọ̀ bẹ ọ̀rẹ́ rẹ. O kò lè pàṣẹ fún un.

Ohun kejì ni pé kí o sọ ibi tí orúkọ náà ti wá. Kò tó láti sọ pé ó dùn ún gbọ́. Orísun kan wà tí ó rọrùn láti lò, àwọn ìyàwó ilé. Nínú àṣà wa, ìyàwó kì í dárúkọ ẹni tí a ti bí sínú ilé ọkọ rẹ̀ kí òun tó dé ibẹ̀, ì báà ṣe ọmọ ọdún méjì. Ọkọ ni gbogbo wọn jẹ́ sí i. Nítorí náà, yóò wo ọmọ náà dáadáa, yóò sì fi ohun tí ó bá rí lára rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni dúdú tí ara rẹ̀ ń dán a máa jẹ́ Adúmáradán, ẹni pupa a sì máa jẹ́ Apọ́nbéporẹ́. Ẹni tí eyín rẹ̀ funfun ni Eyínfúnjowó. (Owó ẹyọ ni owó inú orúkọ yìí. Mo ti rí ọmọ kan tí ó kọ ọ́ pé eyín ẹni náà dára ju náírà lọ.)

Ka lẹ́tà yìí.

Ojúlé 12,
Òkè-Àdó,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ 12, Oṣù Kọkànlá, 2022.

Ṣẹ́gun ọ̀rẹ́ mi,

Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti gbúròó rẹ gbẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ tí ń dun ìyá rẹ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti ń sàn. Ara gbogbo wa le níhìn-ín, wọ́n sì ní kí n kí yín.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ kí o tó wá lo ìsinmi Kérésìmesì lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí a jọ wà ní Abẹ́òkúta, ìwọ ni o kọ́kọ́ pè mí ní Òpó-Iná. Mo mọ̀ pé eré ni o fi ṣe, èmi náà sì rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n o rántí ọjọ́ tí ilé ìwé yín wá bá tiwa gbá bọ́ọ̀lù, tí o ń pariwo rẹ̀ láti etí pápá? Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, gbogbo kíláàsì wa ti gbà á. Bí iná bá lọ, wọn a ní kí n lọ tún ara mi ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ẹ̀yìn bí mo bá ń rìn, kí n lè kúrú díẹ̀. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé mò ń ṣe bẹ́ẹ̀, àfi ọjọ́ tí télọ̀ ń wọn aṣọ fún mi, tí ó ní kí n nà ró, tí ó sì wọ̀n mí lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá mi wò mí, wọn kò sọ̀rọ̀. Bí mo bá mọ ìdáhùn ìbéèrè ní kíláàsì, n kì í nawọ́, nítorí wọn yóò ní kí n dìde.

Ní oṣù kẹjọ, àbúrò bàbá mi gbéyàwó. Ìyàwó wọn kò lè dárúkọ mi, nítorí a ti bí mi kí wọ́n tó dé ilé wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń bu omi lẹ́yìnkùlé, mo sì gbọ́ tí wọ́n ní, 'Agùntáṣọ́ọ́lò, ẹ kú àárọ̀ o.' Mo bojú wẹ̀yìn, mo rò pé bàbá mi ni wọ́n ń kí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní èmi ni, pé ẹni tí ó bá ga tó báyìí ni aṣọ ń yẹ, pé bí ẹni kúkúrú bá wọ agbádá, agbádá ni yóò wọ olúwarẹ̀. Gíga tí o fi ń pè mí ní òpó náà ni wọ́n rí, Ṣẹ́gun.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará ilé ti ń fi pè mí. Ní ilé ìwé, èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì, àwọn sì ń bá mi mú un tàn. Àwọn tí wọ́n ṣì ń pe Òpó-Iná, n kì í dá wọn lóhùn.

Jọ̀wọ́, máa pè mí ní Agùntáṣọ́ọ́lò. Bí ó bá gùn jù lẹ́nu rẹ, pè mí ní Wálé bí bàbá mi ti ń pè mí. Bí o bá gbàgbé nígbà tí àwa méjèèjì nìkan bá wà, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n bí o bá pe ti àtijọ́ lójú àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Kérésìmesì, gbogbo ohun tí mo ti ṣe bàjẹ́ nìyẹn, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ni ó ti wá. Bí ìwọ tí o sọ mí bá jáwọ́, ó di dandan kí ó sú àwọn náà.

Kọ ọjọ́ tí o ń bọ̀ sí mi, kí n lè wá pàdé rẹ ní gáréèjì.

Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Wálé Agùntáṣọ́ọ́lò.

Wo bí Wálé ti fi 'mo mọ̀ pé eré ni' ṣíwájú kí ó tó sọ ohun tí orúkọ náà ṣe fún un. Bí ó bá kọ ọ́ pé, 'Ìwọ ni o bà mí lórúkọ jẹ́,' lẹ́tà ìjà ni ì bá kọ, kì í ṣe ohun tí ìbéèrè béèrè. Kò kọ̀ láti sọ pé ó dùn òun, ṣùgbọ́n ohun tí ojú lè rí ni ó fi sọ ọ́: ẹ̀yìn tí ó tẹ̀, télọ̀ tí ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ tí kò nà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ 'inú mi bàjẹ́ gidigidi' lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò tíì sọ nǹkan kan.

Kíyè sí i pẹ̀lú pé ìyàwó náà ni ó túmọ̀ orúkọ náà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Má ṣe dá lẹ́tà dúró láti kọ́ ọ̀rẹ́ rẹ ní gírámà. Wo ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà: ìyàwó ń fi 'ẹ' kí Wálé nítorí ọkọ ni ó jẹ́ sí i, Wálé náà sì ń fi 'wọ́n' sọ̀rọ̀ rẹ̀ nítorí ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ ni. Bí o bá kọ 'ó rẹ́rìn-ín' níbẹ̀, olùdánwò yóò fa igi sí i.

Ní ìparí, orúkọ bàbá kò sí nínú bí ó ti fọwọ́ sí i. Ìnagijẹ tuntun náà ni ó fi sí i, tí Ṣẹ́gun fi rí bí a ti ń kọ ọ́.

Ìdánrawò: Fi ara rẹ sí ipò Ṣẹ́gun, kí o fèsì lẹ́tà yìí. Orúkọ tuntun náà kò wu Ṣẹ́gun púpọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ń tẹ ẹ̀yìn rìn.