Bí òjò bá yẹ ọjọ́ tirakítọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń dáko ní Lálúpọn àti Mọ́níyà, bí ilẹ̀ bá rin jù, ẹ má wulẹ̀ sọ fún onítirakítọ̀ pé, “Ẹ jẹ́ ká sún un síwájú.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò sọ ibi tí owó tí ẹ san sílẹ̀ wà. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ báyìí:

“Ẹ káàárọ̀ sà. Mo san 40,000 náírà sílẹ̀ nínú 100,000, kí ẹ lè bá mi ro éékà méjì ní Ìṣẹ́gun, 14 oṣù kẹrin. Ilẹ̀ ti rin jù. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè sún un sí Ìṣẹ́gun, 21? Ṣé 40,000 náà ṣì dúró lórí iṣẹ́ yìí, tó fi jẹ́ pé 60,000 ló kù?”

Bó bá fèsì pé, “Kò séwu, a ó rí i,” kò tíì dáhùn. Ẹ rọra bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá owó yóò lé bí epo bá wọ́n, àti bí yóò ti rí bí òjò bá tún rọ̀ ní 21.

Ẹ tètè sọ ọ́ o. Bí ọkọ̀ bá ti gbé tirakítọ̀ kúrò nílé, ó ti náwó, ó sì ti lè kọ iṣẹ́ ẹlòmíì sílẹ̀ nítorí yín. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà gbà pé èèyàn lè fagi lé iṣẹ́ tó ti bẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà kí oníṣẹ́ yọ iye tó bójú mu. Bí ìfilọ̀ yín ṣe yá sí wà lára ohun tí wọ́n ń wò.

Ẹ má pa èsì rẹ̀ rẹ́ lórí fóònù títí wọn yóò fi ro ilẹ̀ náà tán.