Ètò mi kò sọ nǹkan kan: ibo ni ìdáhùn náà lọ?

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn lọ́tẹ̀ yìí wá láti ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan ní JSS 3 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Python. Àsìkò prẹ́ẹ̀pù ní Ọjọ́rú ló wá bá mi ní lábù kọ̀ǹpútà, ojú ẹ̀ ti fà ro. Ó ní, "Sínníọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wò ó. Kọ̀ǹpútà yìí ti yadi."

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe. Ẹ rántí pé aṣọ àdìrẹ tí a fẹ́ wọ̀ ní Ọjọ́ Àṣà, ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni ìyá ọ̀kan nínú wa fẹ́ ti bá wa rà á, nítorí pé a kò rí irú rẹ̀ ní ọjà ìtòsí wa níbí. Yáàdì kan jẹ́ 1,500 náírà. Màmá yẹn ní kí owó gbogbo wa pé ọwọ́ àwọn kó tó di ọjọ́ Ẹtì, pé àwọn kò ní lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ yìí la ní kó bá wa ṣírò owó náà. Ó ní òun kò ní fi bírò ṣe é, kọ̀ǹpútà lòun máa fi ṣe é. Ohun tó kọ rèé:

```
def owo_aso(yaadi):
    return yaadi * 1500
```

Ó tẹ F5. Fèrèsé Shell ṣí, ìlà kan tí RESTART wà nínú rẹ̀ jáde pẹ̀lú orúkọ fáìlì rẹ̀, ó parí. Kò sí lẹ́tà pupa, kò sí iye kankan. Ó tún tẹ F5, bákan náà. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ fi fẹ́ẹ̀ ro ó.

Ìlà RESTART yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n gbà pé kọ̀ǹpútà yadi. Ohun tó ń sọ ni pé Python ti mú fáìlì náà. Bí kò bá sì sí lẹ́tà pupa lẹ́yìn rẹ̀, a jẹ́ pé ó kà á dé ìsàlẹ̀ láìrí ohun tó ṣòro fún un. Gbogbo ohun tí a ní kó ṣe ló ṣe. Àwa la kò ní kó sọ̀rọ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Nígbà tí o bá kọ `def`, ńṣe lò ń kọ́ ọmọ kan ní iṣẹ́ tí yóò máa jẹ́ fún ọ. O ní, "Tí mo bá ti sọ iye yáàdì fún ẹ, fi 1,500 sọ ọ́ di púpọ̀, kí o wá jábọ̀ fún mi." Ọmọ náà gbọ́, ó jókòó. O kò tíì rán an. Ìwọ wá ń wo ẹnu ọ̀nà, ò ń retí ẹni tí kò jáde nílé! Bí fọ́ńkíṣọ̀n ṣe rí nìyẹn. Kíkọ ọ́ yàtọ̀ sí pípè é. Orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú àkámọ́, àti iye tí o fẹ́ fún un nínú àkámọ́ náà, ni à ń pè ní pípè. Àkámọ́ yẹn ṣe pàtàkì o. Tí o bá kọ `owo_aso` lásán, o kàn dárúkọ ọmọ náà ni, o kò rán an níṣẹ́.

Mo ní kó tẹ `owo_aso(4)` sínú Shell, níwájú àmì `>>>`. 6000 jáde lójú ẹsẹ̀. Inú ẹ̀ dùn, ó sáré padà sínú fáìlì rẹ̀, ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀:

```
def owo_aso(yaadi):
    return yaadi * 1500

owo_aso(4)
```

F5. Kò sí nǹkan kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyí, èmi náà sì wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọ̀rọ̀ kan náà, lẹ́tà kan náà, ó dáhùn nínú Shell, ó dákẹ́ nínú fáìlì. Ó jọ pé kọ̀ǹpútà ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Shell ní ìwà kan tí fáìlì kò ní: níwájú `>>>`, Python máa ń fi èsì ohunkóhun tí o bá tẹ̀ hàn ọ́, láìjẹ́ pé o ní kó fi hàn. Ó rò pé ńṣe lẹ jọ ń sọ̀rọ̀. Tẹ `2 + 3` síbẹ̀, 5 máa jáde. Kọ `2 + 3` sínú fáìlì, kí o tẹ F5, o kò ní rí nǹkan kan. Ó ṣírò 5 náà lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó dà á nù.

Nítorí náà, nígbà tó kọ `owo_aso(4)` sínú fáìlì, ọmọ náà ti lọ, ó ti dé. `return` túmọ̀ sí pé kó jábọ̀. Ẹni tó rán ọmọ níṣẹ́ lọmọ sì ń jábọ̀ fún, kì í dúró sí àárín kọ́ríídọ̀ kó máa pariwo rẹ̀ fún gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ó sọ 6000 sí etí ìlà tó pè é. Ìlà yẹn kò fi ṣe nǹkan kan, ó kọjá lọ. Ẹni tó ń kéde lójú kọ̀ǹpútà ni `print`, òun ni a kò tíì pè. Ìlà ìkẹyìn yẹn ló yẹ kó di:

```
print(owo_aso(4))
```

Python á kọ́kọ́ ṣe ohun tó wà nínú àkámọ́ `print`: á rán `owo_aso` níṣẹ́, á gba 6000 lọ́wọ́ rẹ̀, á wá gbé 6000 náà fún `print` pé kó kéde rẹ̀.

Kí n tó sọ ìyẹn fún un tán ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti dá sí i: "Ṣebí kó kàn yọ `return` kúrò, kó fi `print` síbẹ̀ ni." Ìmọ̀ràn yìí wọ́pọ̀ gan-an, ó sì máa ń dà bí òótọ́. Mo ní kó ṣe é ká wò ó. Ó kọ `print(yaadi * 1500)` dípò `return`, ó tẹ F5, 6000 jáde. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Mo wá ní, ó dáa, ẹni kan fẹ́ yáàdì 4, ẹnìkejì fẹ́ 5, ẹnìkẹta fẹ́ 3. Èló ni gbogbo rẹ̀? Ó kọ ọ́ báyìí:

```
apapo = owo_aso(4) + owo_aso(5) + owo_aso(3)
print(apapo)
```

Ohun tó jáde ni 6000, lẹ́yìn náà 7500, lẹ́yìn náà lẹ́tà pupa, èyí tí ìlà ìkẹyìn rẹ̀ jẹ́:

```
TypeError: unsupported operand type(s) for +: 'NoneType' and 'NoneType'
```

Ẹ fara balẹ̀ wo ìyẹn. Fọ́ńkíṣọ̀n tó ń kéde láìjábọ̀ máa ń padà pẹ̀lú ọwọ́ òfo, ọwọ́ òfo yẹn ni Python ń pè ní `None`. Ọmọ náà lọ lẹ́ẹ̀kíní, ó pariwo 6000, ó dé lọ́wọ́ òfo. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó pariwo 7500, ó tún dé lọ́wọ́ òfo. Python fẹ́ ro méjèèjì pọ̀, ọwọ́ òfo àti ọwọ́ òfo, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó dúró. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí 4500: kò tíì rán an lọ lẹ́ẹ̀kẹta tó fi ṣubú. Ojú wa rí iye náà, ṣùgbọ́n ètò náà fúnra rẹ̀ kò ní i lọ́wọ́. Iye tí o bá ṣì fẹ́ fi ṣe ìṣirò mìíràn, `return` ni kó gbé e wá. `print` á wà níta, lẹ́yìn tí gbogbo iṣẹ́ bá ti parí. Ó dá `return` padà sí àyè rẹ̀, ó tẹ F5, 18000 jáde.

Ó ku ẹyọ kan, tí mo rí lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Tirẹ̀ rí báyìí, kò sì sọ nǹkan kan:

```
def owo_aso(yaadi):
    print(yaadi * 1500)
    owo_aso(4)
```

Ó ní, "Sínníọ̀, mo pè é o! Ẹ wò ó níbẹ̀." Lóòótọ́, ó pè é, àmọ́ inú ilé ló ti pè é. Ẹ wo àlàfo mẹ́rin tó wà níwájú `owo_aso(4)`. Àlàfo yẹn ló sọ ọ́ di ara iṣẹ́ tí a kọ́ ọmọ náà, kì í ṣe ìránṣẹ́ tí a rán an. Ẹjọ́ IDLE wà níbẹ̀ díẹ̀: bí o bá tẹ Enter lẹ́yìn ìlà `print` yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi àlàfo sí ìlà tó kàn. Ìwọ lo máa fi Backspace pa á rẹ́ kí ìpè rẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti etí ìwé pátápátá. Àti pé ewu mìíràn wà nínú èyí tó kọ. Bí ẹnì kan bá lọ tẹ `owo_aso(3)` sínú Shell, 4500 á jáde, 6000 á tẹ̀ lé e, 6000 á tún tẹ̀ lé e, torí ọmọ náà ń rán ara rẹ̀ níṣẹ́. Ó lè tó ìgbà ẹgbẹ̀rún kí Python tó fi `RecursionError` dá a dúró. A dán an wò. A rẹ́rìn-ín débi pé olùkọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Bí ètò rẹ bá dákẹ́ tí o kò mọ èyí tó ń ṣe é nínú méjèèjì, kọ `print("mo ti de")` sí ìlà àkọ́kọ́ nínú fọ́ńkíṣọ̀n náà, kí o tẹ F5. Bí "mo ti de" bá jáde, a ti rán ọmọ náà, ó ti lọ, ìdáhùn tó mú bọ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gbà. Wá ìlà tó pè é, kí o fi `print` yí i ká tàbí kí o fi orúkọ gbà á bí a ṣe fi `apapo` gbà á. Bí kò bá jáde, ẹnikẹ́ni kò tíì rán an. Nígbà yẹn, wá ìpè náà, wo àkámọ́ rẹ̀, wo àlàfo iwájú rẹ̀. Tí o bá ti rí àléébù náà, má gbàgbé láti yọ "mo ti de" kúrò o. Ẹnì kan gbàgbé tirẹ̀ sínú iṣẹ́ àṣetiléwá, olùkọ́ sì béèrè pé, "Ta ló ti dé?"

Ọmọ JSS 3 wa fi yáàdì àwọn tó kù kún tirẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Yáàdì 118 ni gbogbo rẹ̀, 177,000 náírà. Olùkọ́ wa tún fi bírò ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn ìwé, ó bára mu, owó sì kúrò lọ́wọ́ wa láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.